Orin Tuntun Ti Jáde: Ìtàn Ṣókí àti Líǹkì Kan

Láti oṣù Keje ọdún 2015 ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde káàkiri ayé ti fẹnu kò sí ọjọ́ Ẹtì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí orin tuntun á máa jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárọ̀ Ẹtì, WhatsApp á kún fún àwòrán olórin, líǹkì aláwọ̀ búlúù àti ẹ̀bẹ̀: “Orin mi tuntun ti jáde o! Ẹ bá mi gbọ́ ọ, ẹ bá mi fi ránṣẹ́.” Ọ̀pọ̀ wa ló ń fò ó kọjá. Ó ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé orin gidi wà nínú àwọn tí à ń fò kọjá wọ̀nyẹn. Olórin ti náwó sí situdíò, ó ti náwó sí onílù, àmọ́ ìkéde tó yẹ kó mú wa dúró gbọ́ ọ, ìṣẹ́jú méjì péré ló fi kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ọ̀dọ́bìnrin olórin kan wà ní Abẹ́òkúta, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aláró ní Ìtòkú, tí orin rẹ̀ tuntun sì ń jẹ́ “Ọwọ́ Aró”. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ rèé: “Ẹ̀mí Ọlọ́run ló gbé orin yìí fún mi lóru. Orin ìrètí ni, orin ìfẹ́ ni, ó sì máa bù kún ayé yín.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orin ẹgbẹ̀rún kan lè jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí ẹnìkan bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an tó fi kọ orin náà, ó wá kọ èyí:

“Aró ti wọ inú èékánná màmá mi láti kékeré, kò sí ọṣẹ tó lè bó o. Lọ́jọ́ tí mo gboyè jáde, bí ayàwòrán ṣe ní ká dúró dáadáa ni màmá mi ki ọwọ́ wọn méjèèjì bọ abẹ́ ìpèlé. Torí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe kọrin yìí. Ìró omi tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀rẹ̀, inú ìkòkò aró wọn la ti gbà á sílẹ̀.”

Gbólóhùn mẹ́rin ni. A rí èèyàn kan, a rí ohun kan tó ṣe, a sì mọ ohun tí a máa tẹ́tí sí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣiṣẹ́ jù lójú tèmi. Lórí Spotify, bí ẹni tó ń gbọ́ orin ò bá tíì dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, wọn kì í kà á mọ́ iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin náà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìkòkò aró ni òun ń gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ á ní sùúrù títí ohùn á fi wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ariwo lásán ni, kó sì yí i kúrò. Kí olórin tún rántí pé ìtàn ìyá rẹ̀ nìyẹn: kó ka ohun tó kọ sí ìyá náà létí kí gbogbo ayé tó gbọ́.

Nígbà tí Decca àti African Songs ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú, ẹ̀yìn páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá láyè fún orúkọ àwọn onílù àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orin. Lórí fóònù, àwòrán kékeré kan àti orúkọ orin la kọ́kọ́ ń rí. Ìkéde ló wá ń ṣiṣẹ́ ẹ̀yìn páálí báyìí, ibẹ̀ ló sì yẹ kí orúkọ onílù àti ẹni tó po orin náà pọ̀ wà, lẹ́yìn ìtàn àti líǹkì.

Ibi líǹkì yìí gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Olórin lè gbé orin rẹ̀ sórí Audiomack fúnra rẹ̀. Ní ti Spotify àti Apple Music, alágbàtà ló ń bá olórin gbé e débẹ̀, irú bíi DistroKid tàbí TuneCore, ó sì máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kó tó dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Olórin tó bá fi orin ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó sì kéde ní Ẹtì lè máa pín líǹkì tí kò tíì ṣí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ló dáa kó fi ránṣẹ́. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: bí orin bá ti wà lọ́wọ́ Spotify ní ó kéré tán ọjọ́ méje kó tó jáde, olórin lè lo Spotify for Artists láti fi orin náà lọ àwọn tó ń to orin jọ níbẹ̀. Ààyè tí wọ́n fún un láti ṣàlàyé orin náà kò ju lẹ́tà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ. Ìtàn gbólóhùn mẹ́rin yẹn á wọ ibẹ̀ láìṣẹ́ kù.

Líǹkì tó yẹ ní kíkéde ni èyí tó ń ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo tí Audiomack, Boomplay, Spotify, Apple Music àti YouTube jọ wà, kí kálukú yan ibi tó ti máa ń gbọ́ orin. Ìyá arúgbó tó ń lo YouTube kò ní lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn nítorí orin kan. Ṣùgbọ́n kí olórin ṣí ìlà kọ̀ọ̀kan wò, nítorí bí orúkọ rẹ̀ bá jọ ti olórin mìíràn, orin lè lọ já sí ojú ìwé onítọ̀hún. Tó bá rí orúkọ orin rẹ̀ lábẹ́ àwòrán ẹni tí kò mọ̀, alágbàtà ni kó kọ̀wé sí kíákíá, kó sì dá ìkéde náà dúró ná.

Ní WhatsApp, bí ọ̀rọ̀ bá gùn jù, “Read more” á bo èyí tó kù mọ́lẹ̀, líǹkì tó wà nísàlẹ̀ á sì wà lára ohun tó bò. Torí náà, kí líǹkì tẹ̀ lé ìtàn lójú ẹsẹ̀, kí ọpẹ́ àti orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ wá lẹ́yìn. Ohun tí èèyàn bá fi sí Status á pòórá lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, nítorí náà kó tún un gbé síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní Instagram, líǹkì tí wọ́n bá kọ sábẹ́ fọ́tò kì í ṣeé tẹ̀. Inú bio ló yẹ kó wà.

Ẹ̀yin olórin, ẹ má fi fóònù yín nìkan dán líǹkì wò, torí ẹ ti wọlé sí gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì, kí ọ̀kan máa lo Android, kí èkejì máa lo iPhone, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá orin náà dún àti bóyá orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá dá yín lóhùn pé ó dún ni kí ẹ tó kéde.