Àtòlé ipò nínú eré orí kọ̀ǹpútà

Àtòlé ipò jẹ́ ọ̀nà ìṣètò kan tí àwọn tó ń kọ eré orí kọ̀ǹpútà fi ń to àwọn ipò eré lé ara wọn, tó fi jẹ́ pé èyí tó wà lókè pátápátá nìkan ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣeré. Ipò ni ohun tí eré ń ṣe lọ́wọ́: ìrìn nínú ìlú, kíka ọ̀rọ̀ inú àpótí ọ̀rọ̀, yíyẹ àpò ẹrù wò, tàbí dídúró lórí mẹ́nù ìdádúró. Bí abọ́ tí a tò léra ni ó rí: èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ gbé kúrò. Àṣẹ `push` ń gbé ipò tuntun lé orí àtòlé, àṣẹ `pop` sì ń gbé èyí tó wà lókè kúrò.

## Ìṣòro tí ó ń yanjú

Ọ̀nà kan tí ó rọrùn ni pé kí ètò ní àmì bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ fún mẹ́nù ìdádúró, fún àpò ẹrù àti fún àpótí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àmì mẹ́ta lè para pọ̀ ní ọ̀nà 8, ẹni tó ń kọ ètò sì gbọ́dọ̀ ronú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọ̀nà kejì ni kí ètò fi ipò kan ṣoṣo sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Èyí mú ìdàrúdàpọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò ní ìrántí: bí ẹni tó ń ṣeré bá dá eré dúró nígbà tó wà nínú àpò ẹrù, ètò kò mọ ibi tí yóò padà sí. Robert Nystrom ṣàlàyé àìní ìrántí yìí nínú ìwé rẹ̀, *Game Programming Patterns* (2014), ó sì fi àtòlé hàn gẹ́gẹ́ bí ojútùú rẹ̀.

## Àpẹẹrẹ

Ká ní akíkanjú eré kan ń rìn nínú ìlú. Ó bá oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó ṣí àpò láti yan ohun tí yóò tà, ẹni tó ń ṣeré sì tẹ bọ́tìnnì ìdádúró. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àtòlé náà di ìlú, ọ̀rọ̀, àpò, ìdádúró. `pop` kan dá a padà sínú àpò, èkejì dá a padà sọ́dọ̀ oníṣòwò, ẹ̀kẹta sì dá a padà sí ìlú. Kò sí ipò kan tó nílò láti mọ orúkọ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Yíyàwòrán yàtọ̀ sí gbígba àṣẹ. Àpótí ọ̀rọ̀ kì í bo ojú ẹ̀rọ tán, nítorí náà ìlú gbọ́dọ̀ hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ètò máa ń sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan ipò tó bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, yóò sì yàwòrán láti ibẹ̀ lọ sókè:

```lua
function Atole:draw()
  local n = #self.ipo
  while n > 1 and self.ipo[n].ihan do
    n = n - 1
  end
  for i = n, #self.ipo do
    self.ipo[i]:draw()
  end
end
```

Nínú kóòdù yìí, `ihan` jẹ́ òótọ́ fún ipò tí a lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àpò bá bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, àpò àti mẹ́nù ìdádúró nìkan ni a ó yà.

## Wíwọlé àti pípadà

Wíwọ ipò fún ìgbà àkọ́kọ́ kò dọ́gba pẹ̀lú pípadà sínú rẹ̀. Nínú `hump.gamestate`, àkójọ irinṣẹ́ kan fún LÖVE, `push` kì í pe `leave` lórí ipò tó wà tẹ́lẹ̀. `pop` ń pe `leave` lórí ipò tó ń lọ, ó sì ń pe `resume` lórí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kì í pe `enter`. Bí `enter` bá jẹ́ ibi tí ìlú ti ń gbé akíkanjú sí ẹnubodè, tí a sì tún pè é nígbà ìpadàbọ̀, akíkanjú yóò fò padà sí ẹnubodè ní gbogbo ìgbà tí a bá pa mẹ́nù dé.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àṣìṣe kan ni mẹ́nù tí kò gbà láti padé. Bọ́tìnnì tó pa á dé ṣì wà ní títẹ̀ nígbà tí ipò ìsàlẹ̀ gba àṣẹ nínú ìyípo kan náà, ìyẹn sì tún ṣí mẹ́nù. Ojútùú rẹ̀ ni kí a fi `push` àti `pop` pamọ́ títí ìyípo náà yóò fi parí.

Òmíràn ni akíkanjú tó ń dá rìn. Ẹni tó ń ṣeré di bọ́tìnnì ìrìn mú nígbà tí àpótí ọ̀rọ̀ ṣí, ó sì tú u sílẹ̀ kó tó padé. Ipò ìlú kò rí títúsílẹ̀ náà, ó sì gbà pé bọ́tìnnì ṣì wà ní títẹ̀. `resume` ni ibi tó yẹ kí a ti pa irú ìrántí bẹ́ẹ̀ rẹ́.

## Ààlà

Ohun tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí orin àti ìsopọ̀ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, kò yẹ nínú àtòlé. Nínú eré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mẹ́nù ẹnì kan kò lè dá ayé eré dúró fún àwọn yòókù. Ipò ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá iṣẹ́ lọ, àṣẹ bọ́tìnnì nìkan ni mẹ́nù yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.