Oòrùn Kan, Ṣóńṣó Méjì

Bí a bá ní kí onímọ̀ físíìsì méjì ya gíráàfù bí agbára ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe pín, ọ̀kan lè fi ṣóńṣó rẹ̀ sí 502 nànómítà, níbi tí àwọ̀ ewé wà. Èkejì á fi í sí nǹkan bíi 883, níbi tí ojú èèyàn kì í ti í rí nǹkan kan. Kò sí èyí tó ṣì í nínú wọn. Òfin tí Max Planck gbé jáde ní 1900 ni àwọn méjèèjì lò, wọ́n sì fi ooru ojú oòrùn sí 5772 kélífìn. Àmọ́ ẹni àkọ́kọ́ fi gígùn ìgbì, λ, wọn ìmọ́lẹ̀. Èkejì fi iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ν, wọ̀n ọ́n.

Ká ní èèyàn kàn ṣà bu agbára díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Kò lè mọ gígùn ìgbì rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ó lè ṣírò bó ṣe ṣeé ṣe tó kó bọ́ sáàárín iye méjì. Ìṣeéṣe yìí kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé, torí pé a pààrọ̀ λ sí ν = c/λ. Fífẹ̀ àárín náà ló ń yí padà, kì í sì í yí bákan náà níbi gbogbo. Láti 500 sí 501 nànómítà jẹ́ nǹkan bíi 1.2 tẹráhẹ́ẹ̀tìsì, láti 1000 sí 1001, bíi 0.3 péré. Bí ìgbì bá ṣe gùn tó ni nànómítà kan ṣe ń fún pọ̀ tó, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì ki sí i.

Ìlànà tí a fi ń pààrọ̀ wọn nìyí, níbi tí f ti jẹ́ gíráàfù ti λ, tí g sì jẹ́ ti ν:

g(ν) = f(c/ν) · c/ν²

Ẹni tó bá kàn fi c/ν rọ́pò λ, tó gbàgbé c/ν², á mọ̀ nígbà tó bá ṣírò ohun tó wà lábẹ́ gíráàfù rẹ̀: kò ní pé 1. Bí λ bá ń pọ̀, ν a máa dín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ àmì òdì kúrò lára ìpín ìyípadà náà, torí kò sí ìṣeéṣe tó dín ju òfo lọ.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Lórí gíráàfù λ, gíga ibi 883 jẹ́ 0.534 ti ibi 500. Ṣùgbọ́n c/ν² dọ́gba pẹ̀lú λ²/c, nítorí náà (883/500)², ìyẹn 3.12, la ó fi sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di 1.67. Ibi tó rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá ga ju èkejì lọ.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń sọ, pé ojú èèyàn bá ṣóńṣó oòrùn mu, mẹ́hẹ díẹ̀. Ṣóńṣó wo?

Ìlànà yìí ṣiṣẹ́ tààrà níbí torí pé λ kan ní ν kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ Y = X² ni, 3 àti -3 ló máa bọ́ sórí 9, a ó sì ní láti ṣírò ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ká tó ro wọ́n pọ̀.

Ojú kan wà tí kì í yẹ̀, ìyẹn ibi tó pín agbára náà sí méjì ọgbọọgba. Ó wà ní nǹkan bíi 712 nànómítà, yálà λ la fi wọ̀n ọ́n tàbí ν.