Ẹbọ Owó Oṣù: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Orí àti Owó Ìfẹ̀yìntì ní Ìlú Ọba

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ìṣirò owó. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù bi mí ní ìbéèrè kan tí ó kan iṣẹ́ mi. Wọ́n ní kí ó buwọ́ lu ìwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “ẹbọ owó oṣù,” nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò jẹ ẹbọ náà?”

Mo fèsì pé orúkọ náà ni kò bá a mu. Ẹni tí ó ń rúbọ ti ní ohun ẹbọ lọ́wọ́. Nínú ètò yìí, owó náà kò gbọdọ̀ tíì di ti òṣìṣẹ́. Kí ọjọ́ owó tó pé, òun àti agbanisíṣẹ́ yóò ti tún àdéhùn iṣẹ́ ṣe pé owó oṣù ti dín kù. Agbanisíṣẹ́ ni yóò wá san iye tí ó dín kù náà sínú àpò ìfẹ̀yìntì. Ìjọba kò sì lè gba owó orí lórí owó tí kò di ti òṣìṣẹ́ rí. Ìyọ̀ǹda ni èmi yóò pè é.

Owó oṣù àbúrò mi jẹ́ 3,000 pọ́n-ùn. Nínú ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí owó rẹ̀ bá fi kọjá 12,570 lọ́dún, ìjọba ń gba 20 fún owó orí, ó sì ń gba 8 fún ìbánigbófò ìjọba. Bí kò bá san owó ìfẹ̀yìntì kankan, nǹkan bí 2,453 ni yóò dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá yọ̀ǹda 150, owó oṣù di 2,850: owó orí fi 30 dín, ìbánigbófò fi 12 dín, 2,345 sì ni yóò mú lọ sílé. Ohun tí 150 dín lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 108 lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ ni, 120 ni ìbá dín, nítorí owó orí nìkan ni ọ̀nà yẹn ń dín kù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é bí ó ti yẹ, kí ó wo iye ìbánigbófò nínú ìwé owó oṣù rẹ̀. Bí kò bá yí padà, a jẹ́ pé lẹ́yìn ìṣirò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ 150 náà.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi lóyún, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ìsinmi ìbímọ, 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san, owó tí ó ti dín kù ni wọn yóò sì lò bí ó bá ti yọ̀ǹda ṣáájú. Àdánù náà tó 187 pọ́n-ùn, ó ju èrè 12 lóṣù fún ọdún kan lọ. Nǹkan bí oṣù méjì tí ó parí sí ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìbímọ ni wọ́n ń wò fún ìṣirò yìí. Mo ní kí ó jẹ́ kí ìgbà náà kọjá kí ó tó buwọ́ lù ú. Ó gbà, ìwé náà sì wà nínú àpótí rẹ̀.