Ohun tí Nọ́ńbà Orí Bọ́ọ̀dìn Páàsì Ń Sọ

Ká ní ẹnìkan ń lọ láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, tó sì rí LOS, LHR, 32K àti SEQ 047 lórí bọ́ọ̀dìn páàsì rẹ̀. LOS ni pápákọ̀ òfurufú Èkó, LHR ni ti Hítírò, 32K sì ni ìjókòó rẹ̀. Èyí tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni 047.

Kì í ṣe ipò tí èèyàn máa tò sí láti wọ ọkọ̀. Ó ń sọ pé òun ni ẹni kẹtàdínláàádọ́ta tó forúkọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà, ì báà jẹ́ ní kántà tàbí lórí fóònù. Lẹ́nu géètì, ẹ̀rọ ń sàmì sí nọ́ńbà ẹni tó bá wọlé. Bí 047 kò bá tíì wọlé, òṣìṣẹ́ á mọ ẹni tó kù, á sì ké pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá yọjú, wọ́n á wá báàgì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

PRIORITY ló ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé: ẹni tó ra ìjókòó olówó ńlá, tàbí tó ní káàdì oníbàárà pàtàkì. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 150 lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣáájú 047 wọlé.

SSSS yàtọ̀ pátápátá. Orí páàsì àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ló sábà máa ń wà. Wọ́n máa tún ara àti ẹrù onítọ̀hún yẹ̀ wò dáadáa, nítorí náà kó tètè dé géètì.