Fèrèsé lúfà: Bí a ṣe lè dènà olè láì dènà afẹ́fẹ́

Ní Kánò àti Màídúgùrì, bí oṣù kẹta ọdún bá ti wọlé, ooru òru kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ti fèrèsé sùn. Ẹni tó bá sì ṣí i sílẹ̀, ìbẹ̀rù olè kò ní jẹ́ kí ó sùn fọkàn balẹ̀. Àárín nǹkan méjì yìí ni àwọn tó ń gbé ilé onílúfà wà, yálà ní ìhà Àríwá Nàìjíríà, ní Ákírà, tàbí ní Àbíjáànì níbi tí wọ́n ti ń pe irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ní nakò.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ti ìgbádùn oorun nìkan. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yírunyírun, èyí tó máa ń mú kí ọrùn le gan-an, sábà máa ń jà ní ìhà Àríwá. Lára ìmọ̀ràn tí àjọ NCDC máa ń fún àwọn ará ìlú ni pé kí wọ́n sùn sí yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa, kí wọ́n má sì fún ara wọn mọ́ ojú kan.

Ìdí nìyí tí kíkan pákó mọ́ fèrèsé tàbí títì í pa kò fi lè jẹ́ ojútùú. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí àìlera lúfà wà gan-an.

Ọwọ́ tó ń ti fèrèsé kọ́ ló ń di dígí mú

Lúfà ní férémù irin tàbí ti àlùmíníọ́ọ̀mù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Àwọn kílíìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára férémù náà, inú wọn sì ni wọ́n máa ń ki etí dígí kọ̀ọ̀kan bọ̀. Ọ̀pá kan ló so gbogbo kílíìpù pọ̀ mọ́ ọwọ́ tí a ń fà sókè sódò. Bí a bá fa ọwọ́ náà, gbogbo dígí á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ọwọ́ yẹn kò ju kí ó ṣí dígí tàbí kí ó pa á dé lọ. Kì í ṣe òun ló ń di dígí mú sí àyè rẹ̀. Ohun tó ń dì í mú ni étè kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ bo etí dígí ní ìpẹ̀kun kílíìpù. Àlùmíníọ́ọ̀mù rọ̀, nítorí náà, ẹni tó bá dúró síta lè fi irin pẹlẹbẹ kan tẹ étè náà sẹ́yìn, kí ó sì fa odidi dígí yọ láì fọ́ ọ. Kò ní sí ariwo rárá. Ọ̀pọ̀ onílé ló jẹ́ pé òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń bá dígí wọn tí olè ti tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Bí a bá wá ra kọ́kọ́rọ́ olówó ńlá sí ara ọwọ́ fèrèsé, tí a kò sì ṣe ohunkóhun sí kílíìpù, ojú lásán ni a ti ilẹ̀kùn náà. Kílíìpù ni iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú yàrá kan ṣe àpẹẹrẹ

Ká sọ pé yàrá kan ní fèrèsé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó nǹkan bí 60 sẹ̀ntímítà. Dígí mẹ́jọ tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́fà ló wà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dígí 16 àti kílíìpù 32.

Láti orí dígí kan sí èkejì tó nǹkan bí 14 sẹ̀ntímítà. Bí olè bá yọ ẹyọ kan, àlàfo tó nǹkan bí 28 sẹ̀ntímítà ni yóò ṣí sílẹ̀, ọmọdé tàbí ẹni tí kò sanra sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí ó bá yọ méjì tó tẹ̀léra, ó di 42 sẹ̀ntímítà, ìyẹn sì tó fún àgbàlagbà.

Dídi dígí mọ́ kílíìpù

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣẹ́ máa ń gbà ṣe é. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni gọ́ọ̀mù. Wọn á fa dígí yọ, wọn á fi àkísà gbígbẹ nu eruku kúrò nínú kílíìpù àti létí dígí, wọn á tún fi sípíríìtì nù ún kí ọ̀rá má bàa ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni wọn á fa gọ́ọ̀mù sínú kílíìpù méjèèjì, wọn á ki dígí bọ̀ ọ́, wọn á sì fi fèrèsé sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án fún wákàtí 24.

Gọ́ọ̀mù sílíkónì máa ń rọ̀ bíi rọ́bà bí ó bá gbẹ tán. Bí dígí bá fọ́ lọ́jọ́ iwájú, a lè fi abẹ gé e kúrò. Gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì, èyí tí wọ́n máa ń po papọ̀ kí wọ́n tó lò ó, le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí dígí bá fọ́, ó ṣeé ṣe kí a ní láti pààrọ̀ kílíìpù pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni rífẹ́ẹ̀tì. Wọn á yọ dígí kúrò, wọn á fi dírílì lu ihò kékeré sí ara kílíìpù, ní ibi tí yóò kọjá etí dígí díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá dígí padà, wọn á ki rífẹ́ẹ̀tì onírin sí ihò náà. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ tẹ étè kílíìpù sẹ́yìn, rífẹ́ẹ̀tì ni dígí yóò kọ lù. Ẹni tó bá gbìyànjú láti lu ihò náà nígbà tí dígí ṣì wà nínú kílíìpù yóò fọ́ dígí ni.

Bí iṣẹ́ bá ti parí, kí onílé bọ́ síta, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti dígí kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn. Èyí tó bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ kò tíì dì. Kí ó tún máa wo àwọn kílíìpù lóòrèkóòrè. Bí étè kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tàbí tí ojú irin ha lára rẹ̀, ó jọ pé ẹnìkan ti dán an wò.

Olè ṣì lè fọ́ dígí. Ṣùgbọ́n ariwo dígí tó ń fọ́ láàárín òru ni olè kì í fẹ́.

Títì í sí ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ á máa wọlé

Nígbà tí dígí bá ti dì, ọwọ́ fèrèsé lè wá wúlò. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí a lè ti fèrèsé nígbà tó ṣí díẹ̀, tí ẹni tó wà níta kò sì lè fi ipá ṣí i jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a mú gígé igi tí àwọn káfíńtà ń pè ní tú-báì-tú, tó nípọn tó sẹ̀ntímítà márùn-ún, kí a fi sáàárín dígí méjì, kí a wá rọra máa pa fèrèsé dé títí dígí yóò fi di igi náà mú. Kí a sàmì sí ibi tí ọwọ́ fèrèsé dúró sí. Ibẹ̀ ni a ó ti lu ihò kan tó gba ara ọwọ́ náà kọjá sára férémù tó fara tì, níwọ̀n tí ẹnu àgádágodo kékeré lè wọ̀. Àgádágodo sàn ju ìṣó lásán lọ, nítorí pé ìka ẹni tó wà níta lè fa ìṣó yọ.

Ní fèrèsé àpẹẹrẹ wa, àlàfo mẹ́jọ tó jẹ́ sẹ̀ntímítà márùn-ún jẹ́ 40 sẹ̀ntímítà nínú nǹkan bí 112. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ díẹ̀. Fèrèsé tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kì í ṣí ju ìdajì lọ bí a bá ṣí i tán. Afẹ́fẹ́ á dín kù lóòótọ́ sí ti lúfà tó ṣí gbayawu, ṣùgbọ́n kò ní dáwọ́ dúró. Ní ọ̀sán tí ènìyàn bá wà nílé, kí a ṣí àgádágodo, kí a sì ṣí fèrèsé tán.

Ọwọ́ lè kọjá níbi sẹ̀ntímítà márùn-ún, àmọ́ apá àgbàlagbà kò lè wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Olè ṣì lè ki igi gígùn tó ní ìkọ́ lórí bọ̀ ọ́ láti fi fa fóònù tàbí ṣòkòtò. Nítorí náà, kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nítòsí fèrèsé.

Irin fèrèsé àti àṣìṣe tó ń dí afẹ́fẹ́

Bí agbára bá wà láti fi irin sí i, inú ilé ló dára kí ó wà, kí wọ́n sì rì í mọ́ inú ògiri. Kí àlàfo tó wà láàárín irin kan sí èkejì má ju sẹ̀ntímítà mẹ́wàá lọ. Fún ọ̀nà tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ntímítà, ọ̀pá márùn-ún ni yóò wà láàárín.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń ṣàṣìṣe. Dígí ínṣì mẹ́fà máa ń yọ sínú ilé ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà méje àbọ̀ bí ó bá ṣí tán. Bí irin tàbí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bá súnmọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, dígí á kọ lu irin, fèrèsé kò sì ní lè ṣí tán mọ́ láéláé. Kí wọ́n ṣí lúfà sílẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó wọn ibi tí irin yóò wà, kí wọ́n sì fi sẹ̀ntímítà méjì tàbí mẹ́ta kún un. Nẹ́ẹ̀tì náà ní láti jẹ́ èyí tó ṣeé yọ fọ̀, torí pé eruku ọyẹ́ máa ń dí ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní ráyè kọjá.

Fèrèsé kan gbọ́dọ̀ ṣeé gbà sá jáde

Iná lè sọ ní ẹnu ọ̀nà. Bí gbogbo fèrèsé bá ní irin tí wọ́n jó mọ́ ògiri, ohun tó dènà olè náà ni yóò dènà onílé.

Kí irin fèrèsé kan, ó kéré tán, ní apá tó ṣí bí ilẹ̀kùn, tó tó 60 sẹ̀ntímítà ní òòró àti ìbú, tí àgádágodo rẹ̀ sì wà nínú ilé. Irin ló ń dáàbò bo fèrèsé yẹn, nítorí náà kí a má fi gọ́ọ̀mù tàbí rífẹ́ẹ̀tì de dígí rẹ̀. Bí a bá yọ dígí mẹ́rin kúrò, tàbí tí a fi igi fọ́ wọn, àyè tó nǹkan bí 70 sẹ̀ntímítà ni yóò ṣí sílẹ̀.

Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa rọ̀ sórí ìṣó kan nínú yàrá náà, ní ibi tí igi olè kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, tí gbogbo ará ilé sì mọ̀. Ó tún yẹ kí wọ́n pa iná yàrá lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan gbìyànjú láti rí kọ́kọ́rọ́ náà kí ó sì ṣí irin nínú òkùnkùn. Ẹni tí kò bá lè ṣí i lọ́jọ́ náà kò ní lè ṣí i lọ́jọ́ tí èéfín bá gba yàrá.