Bí àfikún díẹ̀ lọ́jà ṣe ń di òkìtì ẹrù nílé iṣẹ́

Iye ìlédìí tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń lò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ Procter & Gamble ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé iye Pampers tí àwọn alágbàtà ń bèèrè ń lọ sókè sódò gidigidi. Ipa pàṣán ni èyí: ọwọ́ mì díẹ̀, ṣóńṣó pàṣán fò jìnnà.

Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ń ta páálí 100 lọ́sẹ̀, ó sì ń fi ọjà ọ̀sẹ̀ méjì pamọ́. Bó bá ta 110, yóò bèèrè 110 láti fi rọ́pò, àti 20 láti sọ ìpamọ́ di 220: ó di 130. Alágbàtà tó ń ṣírò bẹ́ẹ̀ yóò bèèrè 190. Iléeṣẹ́ yóò ṣe 370. Bí títà bá padà sí 100, ṣọ́ọ̀bù yóò bèèrè 80 péré.

Àtúnṣe tó dára jù ni kí gbogbo wọn máa rí iye tí oníbàárà rà gan-an, bí Procter & Gamble ṣe bá Walmart ṣe. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí ṣọ́ọ̀bù fi ìdá ọgbọọgba títà ọ̀sẹ̀ 10 ṣírò ìpamọ́: 112 ni yóò bèèrè, kì í ṣe 130. Àmọ́ bí ọjà bá gbòòrò lóòótọ́, yóò pẹ́ kó tó mọ̀.