Fídíò Wo Ló Ta Ọjà?

Ká ní ẹnìkan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tó sì ní ìkànnì tí oníbàárà ti lè sanwó. Ó fún àwọn méjì tó ń ṣe fídíò lórí YouTube ní ₦66,000 lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n bá a polówó ọjà. Ìgbà 20,000 ni wọ́n wo fídíò ẹni àkọ́kọ́, ìgbà 3,000 péré ni wọ́n wo ti ìkejì. Aṣọ tà lóṣù náà. Ta ló bá a tà á? Iye wíwò kò lè sọ ọ́, nítorí YouTube kò mọ ẹni tó sanwó ní ìkànnì rẹ̀.

Ohun tó lè sọ ọ́ ni líǹkì tó ní àmì lára. Fídíò kọ̀ọ̀kan ni yóò ní tirẹ̀. Ti ìkejì lè rí báyìí:

```
https://example.com/adire?utm_source=youtube&utm_campaign=odun&utm_content=fidio2
```

Ojú ewé kan náà ni líǹkì méjèèjì ń gbé èèyàn lọ. Google Analytics tí wọ́n bá so mọ́ ìkànnì ló ń ka ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé fídíò kejì ló mú ẹni yìí wá. Ẹ máa fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá kọ youtube lónìí tí ẹ kọ YouTube lọ́la, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò kà wọ́n sí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo fídíò lórí tẹlifíṣọ̀n kò rí líǹkì tẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, líǹkì inú àlàyé fídíò kúkúrú Shorts kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Irú àwọn yìí ni kóòdù ẹ̀dínwó wà fún. Ẹni tó ṣe fídíò á fẹnu sọ ọ́, bíi FIDIO2, ẹni tó bá kọ ọ́ nígbà tó ń sanwó á sì gba ẹ̀dínwó ₦1,000.

Nígbà tí oṣù parí, ọjà 18 gba orí líǹkì fídíò kejì wọlé, kóòdù rẹ̀ sì wà lára ọjà 11. Ẹ má tíì pè é ní 29 o. Nígbà tó fi nọ́ńbà ìsanwó wé ara wọn, ó rí i pé 7 tẹ líǹkì, wọ́n tún lo kóòdù. Ọjà 22 ló tà. Fídíò àkọ́kọ́ ta 6, kò sì sẹ́ni tó lo kóòdù rẹ̀. Bí a bá fi ₦11,000 ẹ̀dínwó kún ₦66,000, ₦3,500 ni fídíò kejì ná an lórí ọjà kan. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦11,000.

Kóòdù náà lè ṣini lọ́nà. Bí àwọn tó ń lò ó bá ṣàdédé pọ̀ sí i, tí iye wíwò kò yí padà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó ti bọ́ sórí WhatsApp, tí àwọn tí kò wo fídíò rí sì ń fi gba ẹ̀dínwó. Ẹ fún un ní ọjọ́ tí yóò kásẹ̀, kí nọ́ńbà fóònù kan má sì lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí fídíò tó jáde ni kí ẹ ti ṣe líǹkì àti kóòdù. Ọjà tó bá ti tà ṣáájú wọn kò ṣeé tọpa mọ́.